Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpolówó Ìkọ́kọrẹ́ Tí Kò Lẹ́ja, Tí Itọ́ Yóò Fi Dà Lẹ́nu Ẹni Tó Kà Á

Ẹ sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú pé ẹ se ìkọ́kọrẹ́, á bi yín pé ẹja wo lẹ fi sí i. Bí ẹ bá ní kò sí ẹja níbẹ̀, á wò yín tìyanu-tìyanu, á ní ṣé aláìsàn lẹ sè é fún ni. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ polówó oúnjẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí gbogbo ilé mọ adùn rẹ̀ ni, ohun tí wọ́n sì gbà pé ó ń gbé adùn náà wá lẹ ti yọ kúrò. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Bí ẹ bá sì pariwo pé ó dùn ju ti ẹlẹ́ja lọ, àríyànjiyàn lẹ ó tà lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní ta oúnjẹ.

Ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ẹni tó mọ ìlú náà mọ ìdí tí oúnjẹ aláìlẹ́ran fi ń rí olówó níbẹ̀. Yunifásítì Babcock ń bẹ níbẹ̀, ìjọ Adventist ló dá a sílẹ̀, oúnjẹ tí kò lẹ́ran ni wọ́n sì mọ ilé ìjẹun wọn mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òbí tó wá wo ọmọ máa ń jáde wá jẹun nígboro. Àwọn kan nínú wọn kì í jẹ ẹran rárá, àwọn mìíràn ń jẹ ẹja oníìpẹ́ ṣùgbọ́n wọn kì í fẹnu kan edé. Màmá tó ni ilé oúnjẹ yìí fi olú sínú ìkọ́kọrẹ́ dípò ẹja, ó wá ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ tí òun lè gbé sórí Wáàsáàpù àti Fesibúùkù, tí òun á tún lẹ̀ mọ́ ìwé oúnjẹ orí tábìlì. Bí mo ṣe gbé e gbà rèé. Ẹni tó bá ń polówó mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀bìrìpò lè gba ọ̀nà kan náà, kó kàn fi tirẹ̀ sí ibi tí mo bá ti sọ tèmi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wọ ilé ìdáná kí ẹ tó mú bírò

Ọ̀pọ̀ ìpolówó oúnjẹ ni wọ́n ń kọ láti orí àga, wọn ò dé ìdí ààrò. Ti oúnjẹ aláìlẹ́ran léwu jù, torí pé ọ̀rọ̀ yín yóò di ìlérí fún ẹni tó ní èèwọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tó wọnú ìkòkò. Ẹ má bèèrè bóyá ẹran wà níbẹ̀. Ẹ máa dárúkọ nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ bí èmi àti Màmá ṣe sọ ọ́:

"Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ewùrà, epo, ata, àlùbọ́sà, irú, olú. Kò sí ẹran níbẹ̀ rárá."

"Edé ńkọ́ mà?"

"Edé tí mo lọ̀ sí i yẹn? Ṣé edé náà tún ń jẹ́ ẹran ni?"

Màmá kò purọ́. Nínú ilé ìdáná wa, ẹni tó bá ní kí wọ́n má fi ẹran sí oúnjẹ òun lè rí orí ẹja gbígbẹ nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ọkàn alásè á sì balẹ̀ pé òun ti ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìjọ Adventist tó tiẹ̀ ń jẹ ẹja kì í jẹ edé, nítorí pé Léfítíkù orí 11 ka ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́ léèwọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó lè wọ ìkọ́kọrẹ́, edé ló lè tètè ba orúkọ ilé oúnjẹ jẹ́ ní Ìlíṣàn, torí pé ó kúnná, ojú kì í rí i, ahọ́n ló máa ń mú un.

Lẹ́yìn edé, ẹ wo màgí. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, nítorí pé òmíràn ní ọ̀rá adìyẹ tàbí edé nínú. Ẹ bèèrè omi tí wọ́n fi se ata náà, bóyá omi ẹran tó ṣẹ́kù lánàá ni wọ́n bù sí i kó lè dùn. Ẹ bèèrè epo, bóyá èyí tí wọ́n ti fi dín ẹja ni. Ẹ wá wo ṣíbí. Ṣíbí tó ń ro ọbẹ̀ ẹja lápá ọ̀tún, tó tún ń ro ìkọ́kọrẹ́ olú lápá òsì, ti sọ ọ̀rọ̀ yín di irọ́ kí ẹ tó kọ ọ́.

Màmá yọ edé kúrò, ó pààrọ̀ màgí, ó sì ya ìkòkò kan àti ṣíbí onígi kan sọ́tọ̀. Bí ilé ìdáná tiyín kò bá ráyè ya nǹkan sọ́tọ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ààrò kan náà lẹ ti ń se ẹja. Àwọn kan á ṣì rà á. Ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ á mọ̀, kò sì ní bínú sí yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dúró ti ìkòkò, kí ẹ sì jẹ ẹ́

Ọ̀rọ̀ tó ń mú itọ́ dà kì í ti inú orí wá, ohun tí ojú rí àti ohun tí eyín bá pàdé ló ń bí i. Ìkọ́kọrẹ́ sì ní ohun tó pọ̀ láti wò. Ewùrà ni wọ́n rin títí ó fi kúnná, tí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí, tí wọ́n sì pò pọ̀. Ata àti epo ti ń hó lórí iná. Màmá ń fi ọwọ́ bu ewùrà náà díẹ̀díẹ̀, ó ń jù ú sínú ata tó ń hó, ó ń pín in káàkiri kó má baà jókòó sójú kan. Lẹ́yìn náà, ó dé e, ó dín iná kù, ó sì ká ọwọ́ gbera. Ibí yìí ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sè ti ń bà á jẹ́. Bí wọ́n bá tètè ro ó kí kókó náà tó dì, gbogbo rẹ̀ á fọ́, á di lẹ́búlẹ́bú, kò ní sí kókó mọ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kó jinná nínú ooru ara rẹ̀ ni kókó rẹ̀ máa ń dúró.

Nígbà tí Màmá ṣí i, epo ti sá sí etí ìkòkò, ó yí i ká, kókó ewùrà tó funfun tẹ́lẹ̀ ti mu epo, ó ti di aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ibi tí kókó kan ti ya ṣì funfun nínú. Mo kọ èyí sílẹ̀ kíákíá, torí pé ẹni tó mọ ìkọ́kọrẹ́ tó bá ka "ibi tó ti ya ṣì funfun nínú" mọ̀ pé wọn ò fi ọwọ́ líle rò ó.

Olú ni iṣẹ́ kejì. Màmá ti sá a lóòrùn, ó ti yàn án lórí èédú, ó wá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ya á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe lọ. Kò fi ọ̀bẹ gé e. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní èyí tí a bá fi ọ̀bẹ gé máa ń yọ̀ lẹ́nu bí ilá, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ọwọ́ ya ń fà. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó fi di gbólóhùn nínú ìpolówó.

Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, kí ẹ sì tún jẹ ẹ́ nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkọ́kọrẹ́ máa ń ki sí i bó ṣe ń tutù, nítorí náà oúnjẹ aago méjìlá kọ́ ni oúnjẹ aago mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ yín bá sọ pé ó rọ̀, tí oníbàárà aago mẹ́ta sì bá a ní dídì, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ti oúnjẹ. Ẹ bi alásè ohun tó máa ń ṣe sí i lọ́sàn-án. Màmá ń bu omi gbígbóná àti epo díẹ̀ sí i, ó sì ń gbé e padà sórí iná kékeré.

Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu yín bó ṣe tẹ̀léra, láìsí ẹ̀ṣọ́. Èyí ni mo kọ: òórùn irú kọ́kọ́ dé. Kókó dúró fún eyín díẹ̀, ó wá yọ̀ lọ. Olú fà, ó ní èéfín lára. Ata kò tètè ta, ìgbà tí mo gbé e mì ló ta mí létè. Ẹ̀bà tútù pa á.

Ẹ tún fún ẹlòmíràn jẹ, kí ẹ tẹ́tí sí ohun àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé omi wá fún wọn jẹ ẹ́, ó mú olú kan sókè, ó ní, "Ẹja wo lèyí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ṣe èmi náà bíi kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó rò pé ẹja ni. Mi ò kọ ọ́. Ẹni tí kò jẹ ẹja láti kékeré kò wá ohun tó jọ ẹja, ọ̀rọ̀ yẹn lè rí i lára. Ẹni tó sì fẹ́ràn ẹja á wá jẹ ẹ́ láti fi hàn pé irọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún un ní orúkọ

Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ni "Ìkọ́kọrẹ́ Aláìlẹ́ran". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò mú ebi pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà nínú abọ́ ni kí orúkọ sọ. "Ìkọ́kọrẹ́ Olú" kúrú, ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tí kì í jẹ ẹran sì rí ohun tí òun fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ohun tí kò sí nínú oúnjẹ ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì dán an wò

Ọmọ Màmá ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí n tó dé. Ó kà báyìí:

"Ìkọ́kọrẹ́ tuntun ti dé o! Oúnjẹ aládùn, ajẹpọ́nnulá, aṣaralóore, tí kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo Rẹ́mọ! Kò sí ẹran, kò sí ẹja, síbẹ̀ ẹ ò ní mọ̀ pé kò sí i. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ. Ẹ tètè wá kó má tán!"

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán irú èyí wò. Mo máa ń yọ orúkọ oúnjẹ náà kúrò, mo máa ń fi òmíràn sí i. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín sí ibi tí ìkọ́kọrẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ òkè yìí, kò sí ohun tí yóò yí padà. Ẹ fi ìrẹsì sí i, bákan náà. Ọ̀rọ̀ tó bá bá oúnjẹ gbogbo mu kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà nínú ìkòkò. "Ajẹpọ́nnulá" dára lẹ́nu ẹni tó ti jẹ ẹ́ tán, ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ kò rí nǹkan fojú inú wò níbẹ̀.

Ti ìtọ̀ ṣúgà yẹn, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹ ò sè é fún ìwòsàn, ẹ ò sì ní ẹ̀rí. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, kò fàyè gba kéèyàn fi irọ́ tàbí àbùmọ́ tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tí ọ̀rọ̀ àìsàn bá wọ̀ ọ́ létí nígbà tó ń ronú oúnjẹ, itọ́ ẹnu rẹ̀ á gbẹ.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ kọ tiyín, ẹ rántí pé fóònù máa ń gé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlà díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù ní láti tẹ̀ ẹ́. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni kó gbé ohun tó ń fa ojú. Ẹ má fi "A kí gbogbo oníbàárà wa àtàtà" jẹ wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú abọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ nígbà tí mo jẹun, mo yan kókó àti olú pé kí wọ́n ṣáájú: kókó nítorí pé òun ni ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń mọ ojúlówó, olú nítorí pé òun ni tuntun.

Lẹ́yìn ìlà méjì yẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé bí oúnjẹ ṣe ń dé bá ẹni tó jókòó: òórùn ni, lẹ́yìn náà òkèlè àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohun tó kù lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kó gbé e: ó dúró, ó yọ̀, ó fà, ó ta. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ bíi fẹlifẹli, múlọ́múlọ́, sánsán àti fòò, èdè wa ní wọn lọ́pọ̀ yanturu, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yá wa jù. Ìpolówó tó bá kó mẹ́rin lọ ní ìlà kan ń dún bí agogo, kò dùn lẹ́nu mọ́. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fi í síbi tó ti wúlò jù, kí ẹ sì rí i pé ilé ìdáná lè mú un ṣẹ. Mo yan fẹlifẹli. Kí n tó kọ ọ́, mo bi Màmá bóyá abọ́ aago mẹ́ta náà yóò gbóná bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kì í gbé e kúrò lórí iná èédú títí yóò fi tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Irú gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Fún àwa tó fi í dàgbà, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú wa fa àga. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè má fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fi í pamọ́, mi ò sì yìn ín jù. Mo jẹ́ kó wà níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn kí abọ́ tó dé, mo sì tún dárúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹni tí kò fẹ́ ẹ lè tètè mọ̀.

Ohun tí a gbé jáde nìyí:

"ÌKỌ́KỌRẸ́ OLÚ

Kókó ewùrà tó rọ̀ tí kò fọ́, nínú ata tí epo pupa yí ká. Láàrin rẹ̀, olú tí a yan lórí èédú, tí a fi ọwọ́ ya.

Òórùn irú ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín, kí abọ́ tó dé. Ẹ mú kókó kan: yóò dúró fún eyín díẹ̀, kó tó yọ̀ lọ. Olú ń fà, èéfín èédú ṣì wà lára rẹ̀. Ata kì í tètè sọ̀rọ̀, ìgbà tí ẹ bá gbé e mì ni yóò ta yín létè. À ń gbé e wá ní gbígbóná fẹlifẹli, pẹ̀lú ẹ̀bà tútù tí a fi gààrí Ìjẹ̀bú tẹ̀.

Kò sí ẹran, ẹja, edé, ẹyin tàbí wàrà nínú rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ lọ́tọ̀, ṣíbí rẹ̀ lọ́tọ̀. Irú wà níbẹ̀, ata rẹ̀ mú níwọ̀nba.

Abọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀bà, ₦2,500. Láti aago méjìlá ọ̀sán títí ìkòkò yóò fi gbẹ, lójoojúmọ́ àyàfi Sátidé."

Ẹ dán an wò bí a ṣe dán ti àkọ́kọ́ wò. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín sí i, kò ní wọlé. Ẹ tún wo "tó rọ̀ tí kò fọ́". Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n rò pọ̀ di lẹ́búlẹ́bú rí mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀bà tútù náà kì í ṣe àfikún lásán. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé nìyẹn, ẹ̀bà tó ti tutù pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ tó gbóná, kíkan gààrí Ìjẹ̀bú á sì gé epo náà. Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ọmọ ilé ló sè é, bí ẹja kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ìyẹn ló dá ọmọ Ìjẹ̀bú lóhùn, mi ò ní láti bá a jiyàn.

Gbólóhùn "kò sí" ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀, ó sì dárúkọ nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyin àti wàrà wọ̀ ọ́ nítorí pé àwọn kan tí kì í jẹ ẹran ń jẹ ẹyin, àwọn mìíràn kì í fọwọ́ kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá. Gbólóhùn yìí kò gbọ́dọ̀ dùn, ẹ má fi ẹ̀ṣọ́ kankan sí i. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ̀rọ̀ oògùn sára ìgò lẹ ó ṣe kọ ọ́.

Ọmọ Màmá fẹ́ kí a yọ iye owó kúrò, ó ní kí wọ́n pe fóònù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka iye tó kù lápò rẹ̀ kò ní pè yín, ibi tí wọ́n kọ iye sí ni yóò gbà lọ.

Àwòrán àti àkókò

Lórí àwòrán, mi ò ní pẹ́. Ẹ yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ má lo iná fóònù, torí pé iná yẹn máa ń mú epo dán bí ọ̀dà. Ẹ sún mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé kókó kan tó ya yóò hàn, kí funfun inú rẹ̀ yọ, kí olú méjì-mẹ́ta sì wà lókè dáadáa. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n yà láti òkèèrè jọ àsáró tó ti sùn. Kí ẹ sì rí i pé abọ́ tó wà nínú àwòrán kò tóbi ju èyí tí ẹ ń tà lọ.

Àkókò ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ ní Ìlíṣàn. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí yóò fi wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ìjọ Adventist wà nínú Sábáàtì, kì í rajà. Ẹni tó bá gbé ìpolówó rẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti sọ ọ́ sẹ́yìn àwọn tó yẹ kó kà á. Ọjọ́ Àìkú ni a gbé tiwa jáde, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn, tí wọn ò tíì pinnu ibi tí wọ́n máa lọ. Bí ẹ bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kàlẹ́ńdà tiyín yàtọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìlú á kún fún àwọn tó ti òkèèrè wálé, oúnjẹ ilé ni wọ́n ń wá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bà tútù ni kó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀, kí olú tẹ̀ lé e.

Bí ẹnìkan bá bi yín pé, "Ṣé ìkọ́kọrẹ́ náà nìyẹn, tí kò lẹ́ja?", ẹ má kọ àròkọ fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ewùrà àti epo la fi sè é, ti ẹlẹ́ja náà sì wà nínú ìkòkò kejì" ti tó.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dá a dúró

Ìpolówó yìí dá lórí ewùrà, olú tí wọ́n yan àti ìkòkò tó dá wà. Àkókò kan á dé tí ewùrà kò ní pọ̀ lọ́jà, alásè á sì fẹ́ fi iṣu mìíràn dí i. Kókó iṣu lásán kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀, líle rẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu, nítorí náà gbólóhùn tó sọ nípa eyín yẹn kò ní jẹ́ òótọ́ mọ́. Tàbí kẹ̀, olú tí wọ́n kó wá lè jẹ́ tútù tí kò tíì rí èédú. Mo ti bá ọmọ Màmá sọ ọ́ pé lárààárọ̀, kó tó tún ìpolówó náà gbé sórí Wáàsáàpù, kó kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ilé, kó wo ohun tó wà nínú agbada. Bí kò bá rí ewùrà, tàbí tí kò rí olú tó ti dúdú létí láti ojú iná, kó fi ti ẹ̀bìrìpò síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.